Ìró Màámi, Gáùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde ìwé mẹ́wàá. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe pátì ìjáde wọn, bàbá mi ti ẹnu iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé lálẹ́, wọ́n ka ₦20,000 sórí tábìlì, wọ́n ní, "Ẹ fi èyí ṣe gbogbo ẹ̀. Aṣọ, bàtà, irun. Òmíràn ò sí mọ́." Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, bá ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe é."

Òótọ́ ni pé mò ń kọ́ṣẹ́. Tá a bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní ìparí àdúgbò wa ni mò ń gbà lọ. Ó ti pé ọdún méjì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bàbá mi gbé lé mi lọ́wọ́ yìí ju ti ẹ̀rọ lọ, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ti yan gáùn tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti rí i lára ère inú búùtíìkì kan: àwọ̀ èlùbọ́lẹ̀, ó ń dán yanran láti ọrùn dé ẹsẹ̀. ₦38,000 ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ₦20,000 ni bàbá fún wa o."

Ó ní, "Àǹtí yẹn á gba ìyẹn ná. Èyí tó kù, ó di oṣù méjì."

"Níbo lẹ ti fẹ́ rí ₦18,000 lóṣù méjì?"

Ó dákẹ́. Ìgbà tó yá ló sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé màámi á ti kó àjọ nígbà yẹn. Gbogbo wa nílé la mọ̀ pé owó ìwọlé ẹ̀gbọ́n mi sí pólì ni àjọ yẹn. Ata ni màámi ń tà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yọ owó àjọ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ra nǹkan ọbẹ̀. Mi ò sọ fún màámi. Mi ò sì bá ẹ̀gbọ́n mi jà, torí ó ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta pé gáùn búùtíìkì lòun máa wọ̀, ojú ń tì í láti padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ ná."

Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi la kọ ọ́ sí. Ohun tí mo ti kọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà ọ̀gá mi ni pé aṣọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ra. Tówó bá ti tán lára aṣọ, wọ́n á wá máa yá bàtà kiri. A wá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Irun dídì lọ́dọ̀ ìyá àdúgbò wa, ₦3,500. Bàtà ọ̀kírìkà tó ṣeé wọ̀, ₦5,000. Owó ọkọ̀ wa lọ sọ́jà àti ti ọjọ́ pátì, ₦1,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦9,500. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Owó gáùn kì í ṣe ₦20,000 mọ́, ₦10,500 ni.

A wá fi ₦10,500 yìí wo gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó ń yá èèyàn ní gáùn ní ₦12,000 lọ́jọ́ kan, á sì tún mú ₦10,000 dání. Bí ọbẹ̀ bá kán sí i, ó lọ nìyẹn. A fa igi lé e. Ká ra aṣọ tuntun ní Gbági ká rán an ńkọ́? Ọ̀gá mi ń gba ₦10,000 lórí gáùn pátì, tí a ò tíì ra òwú pàápàá. A fa igi lé e. Ó wá ku ọ̀kírìkà.

Lọ́jọ́ Sátidé, a lọ. Mo fi téèpù mi sínú báàgì. Kò pẹ́ tí a débẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi rí gáùn félífẹ́ẹ̀tì kan, àwọ̀ wáìnì, ó rẹwà gan-an. ₦7,000 nìyá tó ń tà á pè é. Mo gbà á, mo nà án sókè sínú oòrùn. Kò sí ihò. Mo wo abíyá ẹ̀, torí ibẹ̀ ni òógùn ti máa ń jẹ aṣọ, kò pọ́n. Mo fa síìpù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń lọ ó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rẹ́rìn-ín.

Mo wá tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìyá náà, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti abíyá kan dé èkejì. Ínṣì 17. Ẹ sọ ọ́ di méjì, 34 ni. Àyà ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 36, ó sì yẹ kí aṣọ tí kì í fà fi ínṣì méjì ju ara lọ kéèyàn lè mí, kó lè gbé ọwọ́ sókè jó. Nítorí náà 38 la nílò. Ínṣì mẹ́rin ló fi dín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣebí o lè tú u, kó o fẹ̀ ẹ́ sí i?"

Mo yí inú ẹ̀ síta. Ibi tá a ti máa ń fẹ aṣọ ni àlékún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán. Aṣọ tí aránṣọ àdúgbò rán sábà máa ń ní ínṣì kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rán nílé iṣẹ́, ẹ̀rọ ti gé etí ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ti fi òwú dì í. Ohun tó kù nínú félífẹ́ẹ̀tì yìí kò tó ìbú ìka ọwọ́ mi kan. Kò sí ohun tí mo lè tú. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wọ̀ ọ́ lórí èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀. Síìpù dé àárín ẹ̀yìn, ó dúró. Ó bọ́ ọ, ó dá a padà, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Màámi rí ojú ẹ̀. Wọn ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìró àti bùbá lésì wọn jáde, àwọ̀ ojú ọ̀run, èyí tí bàbá mi rà fún wọn nígbà ìkómọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Ṣé èyí ò lè ṣe é?"

Àyà mi já. Aṣọ téèyàn bá ti gé, kò ṣeé dá padà. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n nà án síta, wọ́n sì fọwọ́ fa ojú kíká ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lésì tó ti pẹ́ nínú àpótí, ojú ibi tí wọ́n ń ká a sí ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Lóòótọ́, ìlà kan lọ ní àárín ìró náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, òwú ẹ̀ ti rọ̀. Níbòmíràn, aṣọ le.

Ọ̀gá mi ní kí n wọ̀n ọ́n. Gígùn ẹ̀, yáàdì méjì, ìyẹn ínṣì 72. Ìbú ẹ̀, 48. Wọ́n ní, "Ṣírò ó fún mi." Gáùn tó máa kọjá orúnkún ẹ̀gbọ́n mi gba ínṣì 45 láti èjìká. Ìdí ẹ̀ 38, a fi méjì kún un, 40. Iwájú á gba 20, ẹ̀yìn á gba 20, kọ̀ọ̀kan á tún ní ínṣì méjì fún ìrán. 44 nìyẹn, ó wọ inú 48. Tí a bá tẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìlà tó gbó yẹn á bọ́ sí àárín wọn gan-an, níbi tí sáàsì á gbà. Ínṣì 27 tó kù lókè á di apá méjèèjì. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní síìpù gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kó má bàa máa fa ibi tó rọ̀.

Ìró nìkan la fẹ́ gé. Bùbá màámi á wà lódindi.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí ìsàlẹ̀ gáùn náà fẹ̀ gbàràgàdà. Aṣọ kò tó, mo sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Gáùn tó lọ gbọọrọ nìkan ni yáàdì méjì lè ṣe. Ó fajú ro, ó gbà.

A lọ ra aṣọ inú, tí àwọn aránṣọ ń pè ní láínìn, yáàdì méjì, ₦3,000. A kò yàn án lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. A gbé e jáde sínú oòrùn, a fi lésì lé e. Èyí tó jọ àwọ̀ lésì gan-an mú kí iṣẹ́ ara ẹ̀ sọnù. Èyí tó dúdú jù ú lọ díẹ̀ ló jẹ́ kí òdòdó ara lésì náà yọ. Síìpù, ₦400. Òwú àti gọ́ọ̀mù ọrùn, ₦600. Ọ̀gá mi gba ₦5,000 péré, nítorí pé ó ku ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí pátì pé, àti pé èmi ni mo máa fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ká ìsàlẹ̀ ẹ̀. Gbogbo owó gáùn jẹ́ ₦9,000.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi dán an wò. Mo ní kó jókòó, kó tẹ̀, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń jó. Apá ọ̀tún ń há a. A fa ínṣì kan síta níbẹ̀, ó tán. Nígbà tó dọ̀la, gúlúù ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ṣí. Ṣọbàtà gba ₦500 láti rán an. Owó tó kù nínú ₦20,000 wá jẹ́ ₦1,000, ẹ̀gbọ́n mi sì dá a padà fún bàbá mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ pátì, gáùn tó ń dán pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì wò wọ́n. Nígbà tó délé lálẹ́, ó ní òun ṣì fẹ́ràn ti búùtíìkì yẹn. Ó ní òun sì jó títí wọ́n fi pa iná. Màámi yí inú gáùn náà síta, wọ́n wo ojú ìrán mi láti òkè délẹ̀, wọ́n fi kọ́ ọ.

Lóṣù kejì, màámi kó àjọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ sọ fún wọn ohun tó ti fẹ́ fowó náà ṣe. Màámi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ka owó ìwọlé lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó tún un kà.

Síkẹ́ẹ̀tì dúdú ni màámi ń wọ̀ sí bùbá yẹn báyìí. Ó bá a mu.