Òkúta 14 Nínú Agolo Mílíìkì

Nóòtì tí wọ́n fún wa ní kíláàsì lórí bí a ṣe ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn nípa oògùn apakòkòrò jẹ́ ojú ìwé 11. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní Badore àti Sangotedo, lápá Ajah, kò ní ráyè ka ojú ìwé kan nínú rẹ̀. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, kì í gba omi dúró, nítorí náà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bomi rin ebè. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀wé o. Àwọn kan níbẹ̀ mọ̀wé dáadáa. Àsìkò ni kò sí. Èdè sì tún pọ̀: a bá Yorùbá níbẹ̀, a bá Ẹ̀gùn, a bá Hausa. Ìdí nìyí tí a fi ní kí àwòrán ṣáájú nínú pósítà wa, kí ọ̀rọ̀ máa tẹ̀ lé e.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a gé nóòtì náà kù. A yọ orúkọ àwọn oògùn kúrò, a yọ bí wọ́n ṣe ń fọ páǹpù kúrò, títí ó fi ku gbólóhùn kan ṣoṣo: iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ìgbà tí a fọ́n oògùn àti ìgbà tí a kórè. Ọ̀rọ̀ yìí ló kan ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́, tó sì tún kan àpò àgbẹ̀.

Ẹ wo tẹ̀tẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí wọ́n gbìn ín, wọ́n ti ń fà á tu. Ká ní ara ike oògùn ní kí wọ́n dúró fún ọjọ́ 14. Ẹni tó bá fọ́n ọn ní ọjọ́ 10 kò ní wàhálà, torí ọjọ́ 24 ni oògùn yóò ti kúrò lọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá dé ní ọjọ́ 20, tó sì fọ́n ọn, ó di ọjọ́ 34 kó tó lè kórè. Ewé á ti máa le, òdòdó á ti máa yọ, owó á sì wálẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń lò sábà máa ń jẹ́ ilẹ̀ onílé tí kò tíì kọ́ ilé síbẹ̀, wọn kò mọ ọjọ́ tí katakata yóò dé. Ta ni yóò wá fi ebè sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìrí nǹkan mú níbẹ̀?

Báwo la ṣe máa ya ọjọ́ 14? A gbé àwòrán mẹ́ta lọ sóko. A ó fi hàn, a ó ka 1 dé 10, a ó bò ó, a ó wá béèrè ohun tí wọ́n rí. Oòrùn 14 ni àkọ́kọ́. Ìyá kan ní, “Ẹ̀ẹ̀rùn lẹ ń sọ, àbí? Pé ká bomi rin dáadáa.” Kàlẹ́ńdà tí a fàlà sí ni ìkejì, ṣùgbọ́n ó rẹ́ni kà á, ó rẹ́ni tí kò kà á. Ní ti kòkòrò tí a yà gbàǹgbà kó lè hàn, bàbá kan wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní irú ẹran yẹn kò sí lóko òun. Àti ìgbà náà la ti ń ya kòkòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ọwọ́, kí wọ́n lè fi mọ bó ṣe tóbi tó.

Ìkẹta ni igi tí a so àkísà pupa mọ́, tí a rì sórí ebè tí wọ́n ti fọ́n. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: má fọwọ́ kàn án. (Màrìwò ni ìbá wù wá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó ń sọ.) Síbẹ̀ wọn ò fẹ́ ẹ. Ìyá kan ṣàlàyé fún wa pé orí ebè ni àwọn alájàpá ti ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn. “Ẹ̀yin ọmọ mi, tí mo bá so àkísà pupa, ebè tó kàn ni oníbàárà mi máa bá lọ. Ẹni yẹn náà sì lè ti fọ́n tiẹ̀ lánàá, kò kàn so nǹkan kan ni.” Kò sí èyí nínú nóòtì wa.

Òun náà ló mú wa dé ibi agolo. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ́n oògùn, wọ́n á ko òkúta 14 sínú agolo mílíìkì, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páǹpù. Ní àràárọ̀ wọ́n á yọ ọ̀kan. Tí agolo bá ṣófo, wọ́n lè kórè. Ebè tí wọ́n bá fọ́n lọ́jọ́ mìíràn ní agolo tirẹ̀. Alájàpá kò rí i, àgbẹ̀ ń rí i. Àwòrán mẹ́ta péré ló kù lórí pósítà: ọkùnrin tó gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn, agolo tó kún, àti agolo tó ṣófo tí ọwọ́ ń fa tẹ̀tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ló jẹ́ 14. A fi òbìrìkítí funfun sílẹ̀ lórí agolo tó kún, kí ẹni tó ń ta oògùn fi bírò kọ iye ọjọ́ tó wà lára ike síbẹ̀. Nọ́ńbà kò ni ẹnikẹ́ni lára níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ka owó, tí wọ́n sì ń tẹ fóònù. Ibi tí èyí kò ti ṣiṣẹ́ ni otapiapia àti oògùn tí wọ́n dà sínú ike omi, torí kò sí ìwé lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wo.

A fi náílọ̀n bò ó, a gbé e kọ́ sẹ́bàá kànga, níbi tí wọ́n ti máa ń dúró de omi. Kòkòrò ọjọ́ 20 ṣì wà nílẹ̀. Fífi ọwọ́ ṣà á, tàbí omi ewé dóńgóyárò, ni nóòtì dárúkọ. Pósítà mìíràn nìyẹn, a sì ti ń ya ọwọ́ tó ń ṣa kòkòrò báyìí.