Ibi Tí Dáńlóòdù Já Sí Ni Ká Ti Mú Un

Láti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá ni a ti ń gbé ìwé ìròyìn ara ògiri yìí lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kí wọ́n tó bá wa tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé kan, owó. Tí a bá rí àṣìṣe kan tí a fẹ́ tún ṣe, owó. Owó tí a dá jọ ti fẹ́ẹ̀ tán. Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wà níbẹ̀ tó ń wò wá, àmọ́ kò ní ohun tí a lè fi tẹ̀wé lórí, kò sì ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ni wọ́n bá ní kí èmi lọ dáńlóòdù LibreOffice nílé, kí n gbé e wá sínú fláàṣì. Ọ̀fẹ́ ni LibreOffice lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fún èèyàn ní dátà lọ́fẹ̀ẹ́?

Fáìlì náà tó nǹkan bíi 350 MB. Ní àdúgbò wa, ojú òru nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń gbádùn díẹ̀, ó sì tún máa ń já nígbà náà. Mo fi burawúsà bẹ̀rẹ̀. Ó dé 90 MB, ó já, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó dé 160 MB, ohun kan náà. 250 MB ti wọ inú igbó nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dé 210 MB kó tó dúró. Mo pe bọ̀dá mi tó wà ní poli lórí fóònù. Wọ́n ní, "Má fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan o! Fáìlì tó dé yẹn ṣì wà níbẹ̀. Kọ́kọ́ ṣe kọ́pì rẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí dáńlóòdù bá ń lọ lọ́wọ́, burawúsà máa ń kó ohun tó ti dé sínú fáìlì kan. Ní Chrome, orúkọ fáìlì náà máa ń parí sí `.crdownload`. Ní Firefox, `.part` ni. Tí ẹ bá tẹ ibi tí wọ́n kọ Cancel sí, ó lè pa á rẹ́. Mo ṣe kọ́pì rẹ̀, mo sì yí orúkọ kọ́pì náà padà sí orúkọ gan-an tí fáìlì náà ń jẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Command Prompt, mo sì tẹ èyí:

```
cd Downloads
curl.exe -f -L -O -C - https://download.documentfoundation.org/libreoffice/stable/24.8.4/win/x86_64/LibreOffice_24.8.4_Win_x86-64.msi
```

Ẹ kò ní láti lọ wá `curl.exe` kiri. Láti ọdún 2018 ló ti ń bá Windows 10 wá. `-C -` yẹn ni ọ̀gá níbẹ̀. Ó ń sọ fún curl pé kó wo fáìlì tó wà nílẹ̀, kó ka iye báìtì tó ti wọlé, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kíkà yẹn náà ló mú kí orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu: `-O` máa ń fi orúkọ tó wà ní ìparí àdírẹ́ẹ̀sì pe fáìlì, tí kò bá rí orúkọ yẹn nílẹ̀, òdo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. `-L` ń jẹ́ kó tẹ̀ lé sáfà lọ síbi tó bá darí rẹ̀ sí, torí àdírẹ́ẹ̀sì òkè yìí kì í gbé fáìlì náà fúnra rẹ̀, ó máa ń darí èèyàn sí sáfà mìíràn ni. Ẹni tó bá yọ `-L` kúrò nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo yóò rí i pé dáńlóòdù "parí" ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò parí o, ìwé ìdarí kékeré lásán ló gbà. `-f` sì ń jẹ́ kó dákẹ́ tí fáìlì kò bá sí níbẹ̀ mọ́, dípò kó gba ojú ìwé tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe tẹ Enter, ohun tí mo ń retí jáde:

```
** Resuming transfer from byte position 220200960
```

210 MB gan-an nìyẹn, tí a bá ka MB kan sí báìtì 1,048,576. Ohun tí curl sọ fún sáfà ni pé: báìtì 220200960 títí dé òpin ni mo fẹ́. Sáfà tó gbọ́ èdè yìí máa ń fi nọ́ńbà 206 dáhùn, ìyẹn ni pé apá kan fáìlì ló ń bọ̀. Sáfà mìíràn kò gbọ́ ọ rárá, odindi fáìlì ló máa ń fẹ́ kó wá. Níbẹ̀, curl yóò kọ `curl: (33)`, yóò sì dúró. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọgbọ́n kankan lórí sáfà náà, ẹ lọ wá òmíràn tó ní fáìlì kan náà.

Lóru ọjọ́ náà, ó tún já lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Tó bá ti kọ `curl: (56)` tàbí `curl: (18)`, mo máa ń tẹ bọ́tìnnì ọfà òkè kí àṣẹ náà tún jáde, mo tẹ Enter, ó sì ń lọ. Èyí tó burú ju jíjá lọ ni kó dì pa, kó má já, kó má rìn. Curl lè jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ tí ẹ ò bá fi `--speed-limit 1000 --speed-time 30` kún àṣẹ náà. Tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò bá tó 1000 báìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì rí bẹ́ẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, yóò já ara rẹ̀, ẹ ó sì tún un tẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo Linux, tàbí Termux lórí fóònù, lè lo wget. Èmi gbà pé ó tiẹ̀ rọrùn jù, torí òun fúnra rẹ̀ máa ń gbìyànjú léraléra:

```
wget -c -T 30 -t 0 ÀDÍRẸ́Ẹ̀SÌ
```

`-c` ni kó tẹ̀síwájú. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ fáìlì tuntun tí `.1` wà ní ìdí orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá ti rí `.1` yẹn, ẹ tètè dá a dúró. `-T 30` ṣe pàtàkì fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa, torí bí ẹ kò bá kọ ọ́, 900 ìṣẹ́jú àáyá ni wget máa fi dúró de sáfà tó ti dákẹ́. Ìṣẹ́jú 15 nìyẹn, nígbà tí dátà òru ń tán lọ!

Ẹ má tíì ṣí fáìlì náà tó bá parí. Báìtì nìkan ni curl àti wget ń kà, wọn kò mọ̀ bóyá ìdajì ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹ̀dà mìíràn. Wọ́n á kàn so méjèèjì pọ̀. Nítorí náà mo tẹ:

```
certutil -hashfile LibreOffice_24.8.4_Win_x86-64.msi SHA256
```

Ó gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 jáde. Mo fi wọ́n wé èyí tó wà lójú ìwé LibreOffice, níbi tí wọ́n kọ Info sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáńlóòdù. Kò sí ẹyọ kan tó yàtọ̀. Ká ní ẹyọ kan yàtọ̀ ni, fáìlì ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi ká pa á rẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ jù o: inú `stable` tí ẹ rí nínú àdírẹ́ẹ̀sì yẹn, wọ́n máa ń kó ẹ̀dà àtijọ́ kúrò níbẹ̀ tí tuntun bá dé. Ẹni tó bá dá tirẹ̀ dúró fún oṣù kan lè padà wá bá nọ́ńbà 404, kò sì lè fi ẹ̀dà tuntun parí ti àtijọ́. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa ni a fi tẹ èyí tí ẹ ń kà yìí. Fláàṣì náà wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ kọ́pì lè wá bá mi ní àkókò ìsinmi kúkúrú.