Àkọsílẹ̀ Ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́ lórí Àkójọ Dátà Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Àkúrẹ́

Àkójọ dátà tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí oríkò rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní ìlú Oǹdó, inú rẹ̀ sì ni àkáǹtì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà, owó tí wọ́n dá àti owó tí wọ́n yá. Iná lọ lójijì ní ọjọ́ Alámísì nígbà tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń gba dátà lọ́dọ̀ rẹ̀, ń kọ nǹkan sórí dísíìkì, bátìrì tó yẹ kó gbé e dúró kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde kò sì lágbára mọ́. Nígbà tí iná padà dé, MySQL tó ń ṣàkóso àkójọ náà kọ̀, kò dìde, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì àṣìṣe rẹ̀ pé ojú-ewé kan ti bàjẹ́. Ojú-ewé ni ìwọ̀n tí InnoDB, apá MySQL tó ń to dátà sórí dísíìkì, fi ń kọ nǹkan, kílóbáìtì 16 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. InnoDB a máa kọ́kọ́ kọ ẹ̀dà ojú-ewé sí ibòmíràn kí iná má baà ká a mọ́ ìdajì, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ààbò yìí lórí sáfà náà kí iṣẹ́ lè yá, ìpinnu tí kò yẹ kó wáyé níbi tí iná kì í ti í dúró.

Ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń fi dísíìkì pẹlẹbẹ tí kò gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ gbé àkáǹtì wá láti Oǹdó, bí kọ̀ǹpútà bá sì bàjẹ́ nígbà náà, ìwé lẹ́jà ni akọ̀wé yóò padà sí, tí yóò sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ohun tó gba ipò lẹ́jà lónìí ni àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀, ìyẹn fáìlì tí a ń kọ ìyípadà kọ̀ọ̀kan sí tẹ̀lé ara wọn, C. Mohan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ló ṣàlàyé kíkún ní 1992, nínú ọ̀nà tí wọ́n pè ní ARIES, bí a ṣe ń fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó ṣáájú ojú-ewé dé orí dísíìkì, gba dátà padà.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, gbogbo fóódà dátà náà ni a kọ́kọ́ dà sórí dísíìkì mìíràn, ẹ̀dà yẹn sì ni gbogbo ìdánwò wáyé lórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a fi ìlà kan kún fáìlì ètò MySQL:

```
[mysqld]
innodb_force_recovery=1
```

Ìlà yìí ń sọ fún InnoDB pé kó dìde bó tilẹ̀ rí ojú-ewé tó bàjẹ́, ìpele rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 6. Ní ìpele 1, MySQL dìde, gbogbo tábìlì sì ṣeé kó jáde àfi ti ìsanwó, nítorí pé MySQL ń ṣubú nígbàkígbà tó bá dé ojú-ewé tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ìpele 2 àti 3 kò yí èyí padà. Àwọn kan nínú iṣẹ́ yìí a máa fò lọ sí 6 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èyí tó léwu, nítorí pé láti 4 lọ sókè ni fáìlì dátà fúnra rẹ̀ ti lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi dúró sí 3.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀dà ìpamọ́ tí wọ́n ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Sáfà tuntun ni a ti kọ́kọ́ ṣí i wò kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí pé nígbà tí òṣìṣẹ́ GitLab kan pa dátà rẹ́ lórí sáfà tí kò yẹ ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2017, ẹ̀dà ojoojúmọ́ tí wọ́n rò pé ó wà ní ìpamọ́ kò sí níbẹ̀, ẹ̀dà mìíràn tó ti tó wákàtí mẹ́fà ló sì yọ wọ́n. Ẹ̀dà ti Àkúrẹ́ ṣí dáadáa, orí rẹ̀ sì fi hàn pé fáìlì ìṣẹ̀lẹ̀ `binlog.000212`, ní ipò 48213, ni ìyípadà ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀:

```
mysqlbinlog --start-position=48213 binlog.000212 > 212.sql
```

A ti ṣe 212 àti 213 tán lórí sáfà tuntun, a kò sì gbọdọ̀ tún wọn ṣe, nítorí pé ìlà tó ti wọlé yóò fa àṣìṣe 1062, ìyẹn pé kọ́kọ́rọ́ kan náà ti wà nínú tábìlì.

Ohun tó kù ni `binlog.000214`, èyí tó ṣí sílẹ̀ nígbà tí iná lọ, tó sì ṣeé ṣe kí ìpẹ̀kun rẹ̀ má pé. Kí ẹni tó gba iṣẹ́ yìí wá `end_log_pos` ìkẹyìn tó pé, kó fi ìyípadà dé ibẹ̀ sínú sáfà tuntun, kó sì fi iye ìlà inú tábìlì wéra pẹ̀lú àwọn tí a kó jáde ní ìpele 1, nítorí pé ẹ̀rí tí kò ti inú ẹ̀dà ìpamọ́ wá ni wọ́n. Bí àwọn tí a kó jáde bá pọ̀ ju ti sáfà tuntun lọ, a jẹ́ pé ìparí 214 ti sọnù, rìsíìtì ẹ̀ka Oǹdó àti ti Àkúrẹ́ fún ọjọ́ Alámísì ni a ó sì fi tẹ àwọn ìsanwó tó kù. Kí àwọn akọ̀wé ẹ̀ka méjèèjì jọ̀wọ́ má ṣe da rìsíìtì kankan nù, kí wọ́n má sì gba owó sórí sáfà tuntun títí ìfiwéra náà yóò fi parí.