Àdúrà Tó Di Àmì Ìbéèrè

Nínú MySQL, orúkọ kan wà tó ń purọ́: `utf8`. Tí o bá rí i, wàá rò pé gbogbo ohun tí èèyàn lè tẹ̀ lórí fóònù ni yóò gbà. Irọ́ ni. Ohun tó bá kọjá báìtì mẹ́ta, kò lè gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń tọ́jú. UTF-8 gan-an jẹ́ ọ̀nà tí à ń gbà kọ nọ́ńbà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní báìtì. Báìtì kan ni "a" ń gbà, méjì ni "à", mẹ́ta ni "ẹ". Émójì bíi 🙏 ń gba mẹ́rin: F0 9F 99 8F. Àwọn tó kọ MySQL ló dá `utf8` tiwọn dúró sórí mẹ́ta, nígbà tó sì di 2010, wọ́n mú èyí tó pé jáde pẹ̀lú orúkọ tuntun, `utf8mb4`. Inú ṣì ń bí mi sí orúkọ àtijọ́ yẹn.

Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan pè mí lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wọn. Wọ́n ní ojú-ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn sí. "Àbúrò, ẹ bá mi wò ó. Ẹni yìí kọ ọ́ pé, 'Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere???' Kí ló ń bèèrè? Ṣé kò dá a lójú ni?"

Kò bèèrè nǹkan kan. 🙏 mẹ́ta ló tẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ fi hàn mí ni pé ❤️ tí àwọn ẹlòmíràn fi sí ọ̀rọ̀ wọn wà níbẹ̀ digbí. Ọkàn pupa yẹn ti wà nínú Yúníkóòdù tipẹ́, kò sì sí àmì kan nínú rẹ̀ tó kọjá báìtì mẹ́ta. Àwọn ẹ, ọ àti ṣ náà wà dáadáa torí báìtì mẹ́ta mẹ́ta làwọn náà. Ìyẹn ló ń tan àwa tí à ń kọ kóòdù ní Yorùbá jẹ: a ó fi orúkọ alámì dán dátábéèsì wò, gbogbo ẹ̀ á jáde, a ó ní ó ti parí. Tó bá jẹ́ pé ẹ náà di "?", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ `latin1` ni wọ́n ń lò, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Má tíì tún nǹkan kan ṣe o. Kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú ilé lóòótọ́:

```sql
SELECT HEX(RIGHT(oro, 3)) FROM ikedun WHERE id = 41;
```

Tó bá gbé F09F998F jáde lẹ́ẹ̀mẹta, émójì ṣì wà; ìsopọ̀ tí ètò rẹ fi ń kà á ni kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n 3F3F3F ni mo rí. 3F ni nọ́ńbà àmì ìbéèrè fúnra rẹ̀. Dátábéèsì ti fi "?" rọ́pò ohun tí kò rí àyè fún, kò sì sí kóòdù tó lè dá a padà. Ẹ̀dà ìpamọ́ ò wúlò, torí inú dátábéèsì yẹn kan náà ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tó yọ wá ni pé ojú-ìwé náà máa ń fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹbí kó tó tọ́jú rẹ̀. Látibẹ̀ ni a ti ń kó àdúrà àwọn èèyàn padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó yẹ kí MySQL ti pariwo. Bó bá wà ní ipò líle, kò ní gba ọ̀rọ̀ náà rárá, yóò dá àṣìṣe 1366 padà, `Incorrect string value`. Ẹnì kan ti pa ipò yẹn lórí sáfà náà, bóyá torí ariwo yẹn gan-an.

Àtúnṣe rẹ̀ ní ọ̀nà méjì, tábìlì àti ìsopọ̀:

```sql
ALTER TABLE ikedun CONVERT TO CHARACTER SET utf8mb4
  COLLATE utf8mb4_unicode_ci;
SET NAMES utf8mb4;
```

Ìlà kejì yẹn, ìsopọ̀ tí o wà lórí rẹ̀ nìkan ló kàn. Nínú ètò rẹ, ibi tí o ti ń so pọ̀ mọ́ dátábéèsì ni kó o ti sọ pé `utf8mb4` lo fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tábìlì á gba émójì, ojú-ọ̀nà ò ní jẹ́ kó kọjá.

Lórí MySQL àtijọ́, ìlà àkọ́kọ́ lè kọ̀, kó ní `max key length is 767 bytes`. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Àyè ímeèlì jẹ́ `VARCHAR(255)`, ó sì ní atọ́ka. Lẹ́tà 255 ní báìtì mẹ́ta mẹ́ta jẹ́ 765, ó wọlé. Ní mẹ́rin mẹ́rin, ó di 1020. A dín in kù sí 191, ó di 764, lẹ́yìn tí a ti rí i pé kò sí ímeèlì tó gùn tó bẹ́ẹ̀. MySQL 8.0 ń gba atọ́ka tó tó báìtì 3072, `utf8mb4` ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ tábìlì tí o bá gbé wá láti ibi àtijọ́ á ṣì di `utf8` rẹ̀ mú títí wàá fi yí i padà.