Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Nínú Ìwé Owó

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òwe yìí ni ọkùnrin onítẹ̀wé kan ní Ṣómólú, l'Ékòó, gbára lé nígbà tó kọ lẹ́tà sí oníbàárà rẹ̀ tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ lóòótọ́. Ọmọlúàbí sì ni ẹni tó sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n odindi ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àbọ̀ náà kò di odindi, owó kò sì wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìyá àgbà kan tó ní iléèwé aládàáni n'Íbàdàn ní kí onítẹ̀wé náà bá òun tẹ 2,000 ìwé ìkọ̀wé tí orúkọ àti àmì iléèwé yóò wà lára èèpo wọn. ₦350 ni wọ́n fẹnu kò sí lórí ẹyọ kan, èyí tó mú kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦700,000. Ìyá náà san ₦420,000 sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, ẹrù dé Ìbàdàn, wọ́n kà á níléèwé, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ó pé. Ọjọ́ náà gan-an ni onítẹ̀wé fi ìwé owó, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ínfọ́ìsì, ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹrù. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 047, owó tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀ jẹ́ ₦280,000, àdéhùn sì ni pé kí wọ́n san án láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí a bá ka ọgbọ̀n ọjọ́ láti ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ló bọ́ sí.

Ọjọ́ pé, owó kò dé. Ọkàn onítẹ̀wé kò balẹ̀, nítorí òun náà jẹ ẹni tó ń ta bébà fún un lówó, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta sì ń retí owó oṣù. Ṣùgbọ́n ọdún kẹsàn-án rèé tí ìyá yìí ti ń gbé iṣẹ́ fún un, ọ̀rẹ́ ìyá tó bí i lọ́mọ sì ni. Ojú wo ni yóò fi wo irú àgbà bẹ́ẹ̀ tí yóò ní kó san gbèsè? Ní ọjọ́ kejì tí ọjọ́ pé, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà yìí:

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá wa. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú àmójútó. A gbà á ládùúrà pé sáà tuntun yìí yóò sàn yín sówó, yóò sàn yín sọ́mọ. Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín wa yẹn náà ni mo ní kí n fi rán yín létí. Bó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ má gbàgbé ọmọ yín o.”

Ìyá náà dáhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Olúwa yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.” Àdúrà dé, owó kò bá a dé.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ tí ọjọ́ ti pé, inú bí onítẹ̀wé. Ó tún mú bírò, ó kọ ọ́ pé ojú òun ti rí tó, àti pé bí òun kò bá rí owó òun lọ́la, ọlọ́pàá ni yóò bá òun wá sí iléèwé. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń bójú tó ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù, ni lẹ́tà yẹn kò fi kúrò nílé.

“Bàbá Ìbejì,” ìyàwó rẹ̀ sọ, “ẹ ò tíì rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan tí ẹ fi ń halẹ̀.”

Onítẹ̀wé ní òun ti kọ lẹ́tà kan tẹ́lẹ̀. Ìyàwó ní kó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá. Ó kà á, ó béèrè pé èló ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó kù, àti pé ọjọ́ wo ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó yẹ kó wọlé. Onítẹ̀wé kò rí nǹkan kan fi hàn án. Ìyàwó ní lẹ́tà náà kì í ṣe ìrántí, ìkíni lásán ni, nítorí náà èyí tí àwọn fẹ́ kọ báyìí ni yóò jẹ́ ìrántí àkọ́kọ́.

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. “Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín wa” lè yé ẹni méjì tó jọ dúnàádúrà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kọ́ ni yóò jókòó ti ìwé ìsanwó. Akápò iléèwé ni, òun kò sì mọ ọ̀rọ̀ kankan tó wà láàárín wọn. Nọ́ńbà ìwé owó àti iye tó wà lórí rẹ̀ ni akápò mọ̀. Èyí tó tún burú jù ni “bó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn”. Ọ̀rọ̀ ìtẹríba ni lójú ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọjọ́ tí wọ́n jọ fi sí àdéhùn rẹ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé kó san owó nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn kò tíì pẹ́, bó pẹ́ títí ọdún tuntun.

Lẹ́tà ìbínú náà ní àléébù tirẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe ní 2020 kò fún ọlọ́pàá láyè láti mú ènìyàn nítorí àdéhùn okòwò tí kò mú ṣẹ, nítorí náà ìhalẹ̀ asán ni. Àwọn bàbá wa pàápàá kò fi agbára bẹ̀rẹ̀. Sámúẹ́lì Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dógò ti ajigbèsè: wọ́n á rán ẹnìkan lọ jókòó tì í nílé, yóò máa yọ agboolé lẹ́nu títí owó yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti béèrè owó rẹ̀ títí tí kò rí i gbà ló ń lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú fún irú ìyẹn. Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni ògò dídó, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Tọkọtaya náà jọ kọ òmíràn ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá. Orí rẹ̀ kà báyìí: “Ìrántí lórí ìwé owó nọ́ńbà 047: ₦280,000, tó yẹ kí ó wọlé ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 2025.” Ohun tó tẹ̀ lé e nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. A dúpẹ́ fún iṣẹ́ ìwé ìkọ̀wé tí ẹ gbé fún wa ní sáà yìí.

“A fi èyí rán yín létí pé ìwé owó nọ́ńbà 047, tó bá ẹrù dé ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, ṣì ku ₦280,000, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti ọgọ́rin náírà. Owó iṣẹ́ lápapọ̀ jẹ́ ₦700,000, ẹ sì ti san ₦420,000. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ni àdéhùn wa pé kí ìyókù wọlé, ṣùgbọ́n a kò tíì rí i nínú àkáǹtì wa títí di àná.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mójú tó o kí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, tó parí. Nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lórí ìwé owó náà kò yí padà. A fi ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá ti san án kí èyí tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má bínú, ẹ fi ẹ̀rí ìsanwó ránṣẹ́ sí wa. Bí ohun kan bá sì wà nínú ìwé owó náà tí kò tọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ ká mọ̀, kí a lè tún un ṣe.”

Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí yóò rí i pé “gbèsè” kò sí nínú rẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ pé “ẹ jẹ wá”. Ìwé owó ni wọ́n sọ pé ó ṣì ku, kì í ṣe ènìyàn. Ìkíni wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju gbólóhùn méjì lọ kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí owó. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀ wà nínú “ẹ jọ̀ọ́”, ó wà nínú “ẹ bá wa”, ó sì wà nínú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ pé ó lè jẹ́ pé wọ́n ti san owó náà, tàbí pé àṣìṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìwé. Wọn kò fi ọ̀wọ̀ kankan bo iye owó àti ọjọ́ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ méjì ló wà nínú lẹ́tà náà, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Ọjọ́ kẹjọ ni ọjọ́ àdéhùn. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò lè yí i padà. Ọjọ́ kẹrìnlélógún jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ká ní ọjọ́ kẹrìnlélógún nìkan ni wọ́n kọ, ó lè dà bíi pé wọ́n ti sún ọjọ́ àdéhùn síwájú. Ká ní ọjọ́ kẹjọ nìkan ni, akápò kò ní mọ ìgbà tí wọ́n ń retí òun. Bákan náà ni wọ́n fi iye owó hàn ní òǹkà, wọ́n sì tún kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, kí òdo kan má baà sọnù lọ́nà. Onítẹ̀wé kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ ní ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá bí bàbá rẹ̀ ì bá ṣe kọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ ní ọmọdé ni akápò, kò dájú pé ó mọ ọ̀kẹ́.

Kò pé wákàtí mẹ́ta tí akápò fi pè lórí fóònù. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Awakọ̀ tó kó ẹrù lọ ti sọ fún un pé ₦297,500 ni yóò san, nítorí ₦17,500 owó ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Akápò wo ìwé owó, ó rí ₦280,000. Nígbà tí iye méjèèjì kò bára mu, ó ti ìwé náà sínú àpótí tábìlì, ó ń retí ẹni tí yóò là á yé òun. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ rò pé wọ́n ti san owó náà tipẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Onítẹ̀wé fèsì lójú ẹsẹ̀ pé ₦280,000 tó wà lórí ìwé náà ni òun ń retí, kò lé, kò dín. Owó ọkọ̀ dùn ún, ṣùgbọ́n kò sí lórí ìwé owó, ìrántí kò sì lè bu owó tuntun lé èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ Rú, ọjọ́ kejìlélógún, owó wọlé.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè yọ owó lápò ẹni tí kò ní in. Bí ọjọ́ kẹrìnlélógún bá kọjá láìsí èsì, ìrántí kejì ló kàn, tí yóò kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ètò ẹjọ́ gbèsè kéékèèké tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ní ìwé ìbéèrè owó tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹ, kì í ṣe inú ìrántí àkọ́kọ́.

Láti ìgbà náà, ìyàwó onítẹ̀wé kò kọ “láàárín ọgbọ̀n ọjọ́” sórí ìwé owó mọ́. Ọjọ́ àti oṣù tí owó yóò wọlé gan-an ló ń kọ, kí ẹnikẹ́ni má baà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgbọ̀n láti ọjọ́ tí ìwé dé orí tábìlì rẹ̀. Ìyá àgbà náà pe onítẹ̀wé nígbà tó gbọ́ pé owó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kò bínú rárá. Ó kàn béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni: “Ọmọ mi, kí ló dé tí o kò ti sọ iye rẹ̀ fún mi nígbà tí o kọ́kọ́ kọ̀wé?”