Bí Ọmọ Bá Tún Kọ́ọ̀sì Tó Fìdí Rẹmi Ṣe, Èwo Ni Wọ́n Ń Kà?

Kò sí ìgbà tí èsì ìdánwò jáde ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Ìjànikin tí ọ̀rọ̀ kan náà kì í jẹyọ. Láti géètì Lásù títí dé Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà ti di ara Yunifásítì Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2022, ìtùnú kan náà ni ọmọ tó bá gba F máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ojúgbà rẹ̀. Wọ́n á ní kó má dààmú, kó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, pé tó bá ti yege, F yẹn ti pa rẹ́ nìyẹn.

Ìtùnú náà dùn ún gbọ́, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Kọ́ọ̀sì tí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kárí-ófà, ń ṣe nǹkan méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́, ó di gbèsè, nítorí pé bí kọ́ọ̀sì náà bá jẹ́ dandan, ọmọ náà kò lè gba oyè láìyege nínú rẹ̀. Èkejì, ó di òdo nínú ìṣirò jí-pí-éè rẹ̀. Bó bá tún un ṣe tó yege, gbèsè ti kúrò lọ́rùn. Òdo ní tirẹ̀ kì í kúrò níbi tó wà.

Èyí kì í ṣe òfin tí olùkọ́ kan jókòó hùmọ̀. Ìwé ìlànà tí Àjọ Yunifásítì Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gbé jáde lọ́dún 2007 sọ ọ́ ní kedere pé akẹ́kọ̀ọ́ lè tún kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi ṣe nígbà àkọ́kọ́ tí àyè bá tún yọ, bí àpapọ̀ yúnìtì tó gbé ní sẹ̀mẹ́sítà náà kò bá ti ju 24 lọ, àti pé póìǹtì tó gbà nígbà gbogbo tó ṣe é ni wọn yóò kà mọ́ àpapọ̀ jí-pí-éè rẹ̀. "Nígbà gbogbo" ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ìgbà tó kẹ́yìn nìkan, kì í sì í ṣe èyí tó dára jù.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, mú fóònù rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú ìbínú. Ó ti ṣírò jí-pí-éè rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó rí 3.72. Ohun tó wà lójú ìwé èsì rẹ̀ ni 3.53. "Àǹkù, wọ́n ti jẹ máàkì mi," ni ó wí. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ó ní, "Bàbá Kẹ́hìndé, ṣebí iṣẹ́ tí o ṣe nìyẹn? Kọ ọ́ kí ayé gbọ́." Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gan-an ló kọ́ mi pé kí a tó pariwo, ìwé ni kí a kọ́kọ́ bi. Mo ní kí ọmọ náà gbé gbogbo èsì rẹ̀ wá, a sì mú bírò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìṣirò náà ṣe ń lọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Máàkì 70 sókè ni A, ó sì ní póìǹtì 5. B ni 60 sí 69, póìǹtì 4. C ni 50 sí 59, póìǹtì 3. D ni 45 sí 49, póìǹtì 2. F kò ní póìǹtì kankan. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye yúnìtì tirẹ̀. A ó sọ póìǹtì di ìlọ́po yúnìtì, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. Ohun tó bá jáde ni jí-pí-éè.

Ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní rẹ̀, ọmọ yìí ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ yúnìtì 3. Ó gba B mẹ́ta, A kan, C kan, àti F kan. B mẹ́ta jẹ́ póìǹtì 36, A jẹ́ 15, C jẹ́ 9, F kò mú nǹkan wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Yúnìtì tí a fi pín in ni 18, kì í ṣe 15, nítorí pé kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi náà ti wọlé sábẹ́ ìlà. Ó jẹ́ 3.33. Ní sẹ̀mẹ́sítà kejì, ó rí póìǹtì 63 nínú yúnìtì 18, èyí tó jẹ́ 3.50. Nígbà tí ọdún kìíní parí, ó ní póìǹtì 123 nínú yúnìtì 36, àpapọ̀ jí-pí-éè rẹ̀ sì jẹ́ 3.42.

Ní ọdún kejì, ó gbé kọ́ọ̀sì tuntun tó jẹ́ yúnìtì 18, ó sì fi kárí-ófà oníyúnìtì 3 kún un, ó di 21. Ó rí póìǹtì 66 nínú àwọn tuntun. Nínú kárí-ófà, ó gba B, èyí tó jẹ́ póìǹtì 12. Póìǹtì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá jẹ́ 123 pẹ̀lú 78, ìyẹn 201. Kò sí ìjà lórí iye yìí, nítorí òun àti iléèwé rẹ̀ rí i bákan náà. Iye tí a ó fi pín in ni ìjà wà. Òun fi 54 pín in, nítorí ó gbà pé kọ́ọ̀sì kan ni, kò sì yẹ kí wọ́n ka yúnìtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́ 3.72. Iléèwé fi 36 pẹ̀lú 21 pín in, ìyẹn 57. Ó jẹ́ 3.53. Kò sí ẹni tó jẹ máàkì rẹ̀. Yúnìtì 3 tó ti gbàgbé ni wọ́n rántí.

Ibi tí òbí tàbí ọmọ ti lè mọ òfin tí iléèwé rẹ̀ ń tẹ̀ lé nìyí, láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ wo àpapọ̀ yúnìtì tó wà lójú ìwé èsì kí ọmọ tó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe, ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá fi iye tuntun àti ti kárí-ófà pọ̀ sí i, bíi 36 tó di 57 yìí, ìgbà méjèèjì ni wọ́n kà. Bó bá jẹ́ ti kọ́ọ̀sì tuntun nìkan ló fi pọ̀ sí i, tí 36 di 54, èsì tuntun ti gba ipò èsì àtijọ́. Bí iye náà kò bá bá ọ̀kan nínú méjèèjì mu, ìgbà yẹn ni kí ọmọ gbé ìwé èsì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn ẹ̀ka rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí kọ́ọ̀sì kan má wọlé, tàbí kí wọ́n má forúkọ kárí-ófà sílẹ̀ rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá báyìí náà ni wọ́n ń ṣe lókè òkun. Rárá. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, èsì tuntun lè rọ́pò ti àtijọ́ nínú ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àtijọ́ ṣì máa hàn nínú àkọsílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó tún ìdánwò ṣe kò ní gbà ju máàkì àṣeyege lásán lọ, kódà kó gba 80. Ṣùgbọ́n ìrọ́pò ti Amẹ́ríkà pàápàá kì í bá ọmọ lọ síbi gbogbo. Ètò ìgbaniwọlé kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn iléèwé ìṣègùn ọ́sítíópátì ibẹ̀ ń lò máa ń gba ìrọ́pò tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2017, ó pa á tì, ó sì ń ka gbogbo ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe kọ́ọ̀sì kan.

Ó tún bi mí èwo ló tọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ mìíràn tó gba gbogbo èsì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà, àmọ́ tó ti gba B náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìfìdí rẹmi. Póìǹtì 201 nínú yúnìtì 54 ni tirẹ̀, ìyẹn 3.72. Bí ìrọ́pò bá jẹ́ òfin wa, àwọn méjèèjì yóò dọ́gba porogodo, bí ẹni pé ìgbà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ṣe é. Òfin tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀. N kò rí i bí ìwà ìkà. Ohun tó dùn mí ni pé inú ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni gbólóhùn náà wà, nígbà tí ìtùnú àwọn ojúgbà wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

Ẹni tó bá mọ òfin yìí yóò tún ojú wo kárí-ófà. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣe é láti yege lásán, pé kó ṣáà ti lọ. Nínú ìṣirò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, B ló gbé e dé 3.53. Ká ní C ló gbà, póìǹtì rẹ̀ yóò jẹ́ 198, jí-pí-éè rẹ̀ yóò sì jẹ́ 3.47. Láti 3.50 sókè ni ìpele kejì apá òkè, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní túù-wọ́ọ̀nù. Máàkì mélòó kan nínú kárí-ófà ló wà láàárín ìhín àti ọ̀hún. Bó bá sì tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, póìǹtì 189 ni yóò ní nínú yúnìtì 57 kan náà, yóò sì já sí 3.32.

Bí ọdún ti ń lọ, òdo kan á máa fúyẹ́ sí i, nítorí yúnìtì tó yí i ká ń pọ̀. Kì í sì í tán. Ká ní ọmọ kan parí ọdún mẹ́rin pẹ̀lú póìǹtì 510 nínú yúnìtì 144, láìní kárí-ófà kankan. Ó jẹ́ 3.54, ó sì wà ní apá òkè. Ẹ fún ẹlòmíràn ní póìǹtì 510 kan náà, àmọ́ kó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú kọ́ọ̀sì oníyúnìtì 3 ní ọdún kìíní, kó sì ti tún un ṣe. Yúnìtì tirẹ̀ jẹ́ 147. Ó jẹ́ 3.47, apá ìsàlẹ̀ ni yóò sì wà lára ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò bínú mọ́. Ó kọ 57 sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ó fà ilà sí i nídìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye póìǹtì tó gbọ́dọ̀ rí ní sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀ kí ó má bàa jábọ́ kúrò lórí 3.50. Bó bá gbé yúnìtì 18, àpapọ̀ rẹ̀ yóò di 75. Póìǹtì 263 ló nílò. Ó ní 201 lọ́wọ́. Ó ku 62.