Títú Ohùn Ìpàdé Palẹ̀ di Iṣẹ́ Àtúnṣe

Ohùn ìpàdé akẹ́kọ̀ọ́ àti alábòójútó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, tí wọ́n fi fóònù gbà sílẹ̀ lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti tọrọ àyè, kì í ṣe àkójọ àṣẹ. Alábòójútó a máa ronú sókè nínú rẹ̀, a máa béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ìdáhùn sí, a sì máa yí ìmọ̀ràn padà kí ìpàdé tó parí. Èyí tó ṣòro jù níbẹ̀ ni pé àṣẹ tó lágbára jù kì í sábà dún bí àṣẹ. Àgbà tó bá wí pé, "Ṣé bí o ṣe fẹ́ fi àtẹ yìí sílẹ̀ nìyí?" kò retí ìdáhùn, ohun tó ń wí ni pé kí wọ́n tún àtẹ náà ṣe. Ẹni tó bá kàn ń wá gbólóhùn tó ní "gbọ́dọ̀" nínú yóò fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà kan wà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, tó ń ṣàyẹ̀wò omi odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì ni odò náà ti ṣàn wá, ó sì gba ìlú Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà ohun oko. Akẹ́kọ̀ọ́ náà bu omi lókè ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà àti nísàlẹ̀ ìlú, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì wọn òjé tó wà nínú rẹ̀. Ó ti kọ orí márààrún tán. Ìpàdé náà gba ìṣẹ́jú 50.

Ọjọ́ ìpàdé gan-an ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ohùn náà gbọ́. Kò sí ìdí láti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, nítorí kíkọ ohùn wákàtí kan délẹ̀ lè gba wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti kókó rẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n jọ wò gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, torí pé ohun tí alábòójútó ń sọ jù lọ ni "ibí yìí", bó ti ń fi ìka tàbí gègé tọ́ka. Ohùn kò gba ìka sílẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, "ibí yìí" kò ní ibì kankan mọ́. Àwọn àmì tí alábòójútó fi gègé fà sórí ìwé láì sọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ inú àkójọ, nítorí wọn kò sí nínú ohùn rárá.

Ní ìṣẹ́jú 17, alábòójútó béèrè pé, "Báwo lo ṣe tọ́jú omi yẹn láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ dé Àkúrẹ́?" Akẹ́kọ̀ọ́ fèsì pé, "Inú ìgò ni, sà." Alábòójútó ní, "Ó dáa," wọ́n sì kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló wúwo jù nínú gbogbo ìpàdé náà. Òjé inú omi a máa lẹ̀ mọ́ ara ìgò bí wọn kò bá fi ásíìdì nítríìkì sí i tó bẹ́ẹ̀ tí pH rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ kọjá 2. Ẹ̀rọ yóò sì ka iye tó kéré sí òótọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe "kọ bí o ṣe tọ́jú omi." Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ pápá rẹ̀, kó wo bóyá ó fi ásíìdì sí i. Bó bá fi sí i létí odò, gbólóhùn kan ní orí kẹta ti tó. Bó bá jẹ́ ìgbà tí omi dé yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n fi sí i, kó kọ ìgbà náà àti bí ó ṣe pẹ́ tó nínú ìgò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bí kò bá fi sí i rárá, kó má fọwọ́ kan orí kẹrin. Kó kọ́kọ́ padà lọ bá alábòójútó, nítorí iye òjé inú gbogbo àtẹ ti di ohun àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yí padà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 9, alábòójútó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tún bu omi ní ibì kan sí i, lókè ìlú pátápátá. Ní ìṣẹ́jú 41, ó ní, "Òjò ti lọ báyìí. Ẹni tó bá máa tẹ̀síwájú ni kó ṣe ìyẹn." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ló borí, àmọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò kú tán. Ó di gbólóhùn kan ní orí karùn-ún, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti sọ ibi tí ìwádìí rẹ̀ mọ, àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó dáwọ́ gbígbọ́ dúró ní ìdajì yóò padà sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lọ bu omi ẹ̀ẹ̀rùn tí kò lè fi wé ti òjò.

Ní ìṣẹ́jú 26, alábòójútó wí pé, "Ta ló ń mu omi odò yìí?" Akẹ́kọ̀ọ́ ti fi òjé tó rí wé ìdiwọ̀n omi mímu ti Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ìbéèrè yẹn ń fẹ́ ìdáhùn gidi. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá ń mu ún, ìdiwọ̀n náà tọ́, kí ó sì kọ bó ṣe mọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2011 lórí omi orí ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀ ló yẹ kó fi wé e. Lẹ́yìn èyí ni alábòójútó ní kó má ṣe da iye ti òjò pọ̀ mọ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn nínú Àtẹ 4.2, torí pé ìpíndọ́gba wọn ń bo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn mọ́lẹ̀.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ń kọ àkójọ náà, ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ibi tó wà, ohun tí yóò fi hàn pé ó parí, àti ìṣẹ́jú tí wọ́n ti sọ ọ́. "Tún orí kẹrin wò" kò wúlò. Kò sí ọjọ́ tí yóò parí. Ti Àtẹ 4.2 lè rí báyìí: "Pín Àtẹ 4.2 sí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ó parí nígbà tí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní iye méjì-méjì, tí ìjíròrò abẹ́ rẹ̀ sì mẹ́nu ba ìyàtọ̀ wọn, ìṣẹ́jú 31." Nọ́ńbà àtẹ tàbí ti ìsọ̀rí ni kó lò, kì í ṣe ti ojú ewé, nítorí ojú ewé yóò yí padà ní kété tí àtúnṣe bá bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tò ó nínú ohùn kọ́ ni wọ́n máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ ásíìdì ló ṣáájú, torí ó lè wó èyí tó kù. Ìdiwọ̀n tí wọ́n fẹ́ lò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àtẹ, lẹ́yìn náà ìjíròrò. Àṣamọ̀ ló gbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni alábòójútó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ní ìṣẹ́jú 3.

Kí ọjọ́ méjì tó pé, ó yẹ kí àkójọ náà ti dé ọwọ́ alábòójútó, kí ibi tí kò dá akẹ́kọ̀ọ́ lójú sì hàn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè: "Sà, ṣé ohun tí ẹ ní lọ́kàn ní ìṣẹ́jú 36 ni kí n yọ Àwòrán 4.1 kúrò, àbí kí n gbé e lọ sí àfikún?" Bí alábòójútó kò bá fèsì, ìyẹn kì í ṣe pé ó ti gbà, ó yẹ kí ìbéèrè náà ṣáájú nínú ìpàdé tó ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé àkójọ yìí kan náà wá síbẹ̀, pẹ̀lú ibi tí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé tuntun. Èyí tí kò bá tíì parí yóò dúró sí àyè rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó dá a dúró.